Ibi tó gbóná lẹ́yìn fóònù yín ló máa sọ òótọ́

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní fóònù géèmù mi ní fépọ̀ ṣéńbà nínú, àmọ́ tí mo bá ti gbá géèmù tó ìṣẹ́jú 15, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àbí irọ́ ni wọ́n pa fún mi?"

Bọ̀dá mi, kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà báyìí, ẹ yọ páọ́ṣì kẹ́ ẹ fọwọ́ pa gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti gbóná jù. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Mo pààrọ̀ síkíríìnì lọ́dọ̀ ẹnjiníà kan, ó tàn dáadáa o, àmọ́ géèmù tó ń sáré ní fíréèmù 60 tẹ́lẹ̀ wá ń já sí 35 láàárín ìṣẹ́jú 8. Mo rò pé bátìrì ni, mo pààrọ̀ bátìrì, owó yẹn ṣòfò. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà nìkan ló gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ìsàlẹ̀ ẹ̀ tutù nini.

Fépọ̀ ṣéńbà kì í pa ooru, ṣe ló ń tàn án ká. Àpò bàbà pẹlẹbẹ kan ni, omi tó wà nínú ẹ̀ ò tó nǹkan, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ ẹ̀ jáde kí omi yẹn lè máa hó láì gbóná dé dígírì 100. Níbi tó ti kan púrósésọ̀, omi á di oru, oru á sá lọ síbi tó tutù, á tún di omi níbẹ̀, àwọ̀n bàbà inú ẹ̀ á wá fà á padà bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bébà gíráfáìtì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn náà ń tan ooru lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí àyè bá wá wà láàárín púrósésọ̀ àti ṣéńbà, ooru ò ríbi gbà, púrósésọ̀ á dín eré ara ẹ̀ kù kó má bàa jóná. Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn: ẹnjiníà kejì tú u, ó bá a pé wọ́n ti nu tẹ́má péèsì tó ń dí àyè yẹn kúrò láì fi òmíràn sí i, gíráfáìtì náà ti ya. Ó tún un ṣe, fíréèmù padà sí 60, gbogbo ẹ̀yìn fóònù wá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ dọ́gba.

Tí tiyín bá gbóná káàkiri, ṣéńbà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ooru ni ò ríbi jáde. Ẹ má gbá géèmù pẹ̀lú páọ́ṣì, ẹ má sì máa ṣájì ẹ̀ lọ́wọ́ kan náà, kẹ́ ẹ jókòó síbi tí fáànù ti ń fẹ́. Tí ara fóònù bá wà ní dígírì 43, tí yàrá jẹ́ 33, ooru tó máa jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì èyí tó máa jáde nínú yàrá tó jẹ́ 23, ìyẹn ló fà á tí ọ̀sán fi máa ń burú ju òru lọ.

Tẹ́ ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tí adb wà lórí ẹ̀, tí fóònù yín sì jẹ́ Android, ẹ tan USB debugging lórí fóònù, ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ ṣe èyí nígbà tó bá ń fà:

```
adb shell dumpsys thermalservice
```

Tí `Thermal Status` bá jẹ́ 0, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ooru ló ń fà á, ẹ wá nǹkan míì wò. Tó bá jẹ́ 2 tàbí 3, ooru ni. Àmọ́ tí fóònù yẹn bá ti ṣubú rí tó sì tẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ṣéńbà ti jò, ìyẹn ò ṣeé lẹ̀ o, àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.