Mílíìkì ń da ikùn ọmọ mi rú, a sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Ṣúrùlérè

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 8, Mánṣẹ́sítà la wà. Dókítà ní láktóòsì ni kò bá a lára mu, tó bá ti mu mílíìkì ikùn ẹ̀ á wú, á máa sáré lọ yàgbẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ṣíìsì, nǹkan kan ò ṣe é! Oṣù Kejìlá a máa lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Ṣúrùlérè, ẹ sì mọ̀ pé àwọn màmá wa ò lè ṣe kí wọ́n má da mílíìkì sí nǹkan. Kí ló lè jẹ níbẹ̀, kí ni kó má fẹnu kàn? Bọ́tà ńkọ́? Yógọ́ọ̀tì ńkọ́?
Mọ́mì Kòrédé

Mọ́mì Kòrédé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọ Èbúté Mẹ́ta lèmi, Tòróńtò là ń gbé báyìí, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin náà ò lè mu mílíìkì kún kọ́ọ̀bù, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìsì àti yógọ́ọ̀tì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ níbí, torí náà ojoojúmọ́ ni mò ń rí ibi tí ṣúgà inú mílíìkì ń gbà lọ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn ṣáá: láktóòsì, ṣúgà ni, inú omi mílíìkì ló ń gbé, òun àti ọ̀rá ò bára wọn ṣe rárá. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti ro omi ẹ̀ dànù, ṣúgà bá omi yẹn lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fi ooru lé omi ẹ̀ lọ, omi nìkan ló lọ o, gbogbo ṣúgà jókòó síbẹ̀, ó tún wá ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí ṣíìsì àti páúdà mílíìkì ti yàtọ̀ gan-an nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láti inú mílíìkì kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ìdí tí ṣíìsì ò fi ṣe ọmọ yín ní nǹkan kan rèé. Mílíìkì tútù, nínú 100 mìlílítà ẹ̀, láktóòsì tó wà níbẹ̀ tó giramu 5, kọ́ọ̀bù kan tó gba 250 mìlílítà á ní bíi giramu 12. Tí wọ́n bá ti mú kí mílíìkì dì láti fi ṣe ṣíìsì, omi tó yà sọ́tọ̀ lára ẹ̀ (wéè la máa ń pè é níbi iṣẹ́) ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà náà lọ. Ìwọ̀nba tó bá há sáàárín èyí tó dì, àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín tí wọ́n fi sí i á máa jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, tí wọ́n bá sì fi máa tọ́jú ṣíìsì náà pẹ́ fún oṣù mélòó kan, kò ní sí nǹkan kan mọ́. Ṣíìsì tó ti gbó dáadáa, bíi Ṣẹ́dà, Pamẹsáànì, Gáúdà tó pẹ́, láktóòsì inú 100 giramu ẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá giramu. Ègé kan tọ́mọ máa fi jẹ búrẹ́dì, ẹ má kà á sí rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye ṣúgà sí, tó bá jẹ́ òdo tàbí ó sún mọ́ òdo, ẹ mú un.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, ohun tí wọ́n sábà máa ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò l'Ékòó kì í ṣe irú èyí. Èyí tó wà ní onígun mẹ́ta nínú bébà dídán, àtèyí tí wọ́n gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá, ṣíìsì tí wọ́n tún yọ́ tí wọ́n pò ni, wọ́n sì máa ń da páúdà mílíìkì tàbí páúdà wéè sí i, ni ṣúgà bá tún padà wọlé. Ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é kẹ́ ẹ tó rà á. Tàbí kẹ́ ẹ kúkú gbé Ṣẹ́dà tiyín láti Mánṣẹ́sítà, èyí tó le dáadáa, tí wọn ò tíì ṣí ọ̀rá ẹ̀, torí owó tí wọ́n ń pè é ní Ìkòyí yẹn, ẹnu á yà yín.

Wàrà àwọn Fúlàní ńkọ́? Mo mọ̀ pé màmá máa rà á. Ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú un dì, wọ́n á sè é, ó sì lè wọ ọjà lọ́jọ́ yẹn náà, kò sí àkókò kankan tí kòkòrò fi máa jẹ ṣúgà tó kù nínú ẹ̀. Inú omi ẹ̀ ló tún máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú igbá. Torí náà, ó dín sí ti mílíìkì, àmọ́ kì í ṣe òdo bíi ti Ṣẹ́dà. Ẹ ro ó kó gbẹ, kó jẹ ègé kan tàbí méjì pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kó mu omi ẹ̀. Dídín tí wọ́n ń dín in, omi ló ń gbẹ, kì í lé ṣúgà lọ.

Ọ̀rọ̀ bọ́tà ò le rárá. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, nǹkan bí 80 nínú 100, omi tó kù sì kéré. Ṣíbí ìjẹun kan ò ní ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá giramu láktóòsì lọ. Èyí tí màmá ń pè ní bọ́tà ní Ṣúrùlérè sì lè jẹ́ májárìn ni, epo ewéko ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àwọn kan kàn máa ń fi páúdà mílíìkì díẹ̀ sí i. Kí ọmọ fi pa búrẹ́dì jẹ, kò sí wàhálà.

Yógọ́ọ̀tì ló fẹ́ ká fara balẹ̀, torí òun ò ro omi dànù. Tẹ́ ẹ bá wọn láktóòsì inú ẹ̀, ó lè tó giramu 4 nínú 100, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti mílíìkì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí mílíìkì ń dà láàmú ń jẹ ẹ́ láìsí nǹkan kan. Ohun tó fà á ni pé àwọn kòkòrò inú yógọ́ọ̀tì gbé láktéèsì tiwọn wọlé, ìyẹn nǹkan tó ń gé láktóòsì sí méjì kí ara tó lè gbà á. Ìfun kékeré wa náà ní láktéèsì tiẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti àwa Yorùbá, lẹ́yìn ìgbà ọmọdé ó máa ń dín kù lára ọ̀pọ̀ wa. Ṣúgà tí kò bá rí ẹni gé e á lọ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, kòkòrò ibẹ̀ á mú un hó, òun ni wíwú àti ìgbẹ́ ṣíṣàn tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn. Kòkòrò yógọ́ọ̀tì máa ń bá ìfun ṣe lára iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà láàyè. Yógọ́ọ̀tì tí wọ́n bá ti sè lẹ́yìn tó kan tán kó lè pẹ́ láìsí fíríìjì, kòkòrò ẹ̀ ti kú, ṣúgà ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá tò sórí káńtà nínú oòrùn, tí wọ́n ní oṣù mẹ́fà kò lè bà á jẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wá èyí tó wà nínú fíríìjì, tí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé kòkòrò ẹ̀ wà láàyè, èyí tí kò ní adùn kankan nínú ló dáa jù. Àmọ́ iná Èkó náà rèé o: tí fíríìjì ti kú láti àná tí wọ́n tún wá tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, yógọ́ọ̀tì yẹn lè ti bàjẹ́, ìgbẹ́ tó máa fà kò kan láktóòsì. Tí ibà bá wà ńbẹ̀, tàbí táwọn míì nínú ilé tó jẹ nínú ẹ̀ náà ń yàgbẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oúnjẹ tó bàjẹ́, kì í ṣe láktóòsì. Ti láktóòsì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí méjì lẹ́yìn tó jẹun, kì í sì í mú ibà wá.

Ibi tí màmá wà gan-an ni páúdà mílíìkì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wà lójúfò. Nínú 100 giramu páúdà mílíìkì tó ní ọ̀rá, láktóòsì tó bíi giramu 38. Ẹ wá ro ògì òwúrọ̀: ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó kún gèlètè lè tó 30 giramu, láktóòsì giramu 11 nìyẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kọ́ọ̀bù mílíìkì tútù kan, bẹ́ẹ̀ lójú màmá "mo kàn bù ú díẹ̀ sí i ni". Wọ́n á tún po tíì ṣokoléètì tì í, wọ́n á da mílíìkì olómi inú agolo sí i, ìyẹn náà ki ní ìlọ́po méjì mílíìkì tútù, 50 mìlílítà á fi bíi giramu 5 kún un. Ó di giramu 16 lẹ́ẹ̀kan náà sínú ikùn òfìfo. Àgbàlagbà pàápàá tí kò ní láktéèsì tó, giramu 12 lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn lè gbà kí nǹkan kan tó yọ wọ́n lẹ́nu, ká má tíì sọ ọmọ ọdún 8. Àti pé kí màmá má rà èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀ kúrò torí pé ó "fúyẹ́", láktóòsì ẹ̀ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń lé ní 50 nínú 100.

Bí èmi bá wà nílé yẹn, báyìí ni màá ṣe é: ògì pẹ̀lú ṣíbí páúdà kan péré tí a fi nǹkan pẹlẹbẹ gé orí ẹ̀, kò ní ju giramu 3 láktóòsì lọ, àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tẹ̀lé e, torí oúnjẹ tó wúwo kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ ìfun. Tíì, kó mu ún láìsí mílíìkì. Ọ̀sán, búrẹ́dì pẹ̀lú bọ́tà àti Ṣẹ́dà. Ìrọ̀lẹ́, ife yógọ́ọ̀tì kékeré kan, bíi giramu 5. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò pọ̀ tó ti òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́wọ́ màmá, ó sì pín káàkiri ọjọ́. Ẹ má sọ fún màmá pé "mílíìkì ń pa á", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, wọ́n á tún máa fún un ní kọ̀rọ̀. Ẹ kàn fún wọn ní ṣíbí kékeré kan, kẹ́ ẹ sọ pé dókítà ní ìwọ̀n ẹ̀ rèé. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ìwọ̀n dókítà.

Tí ikùn ẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣàn níbẹ̀ torí omi tàbí oúnjẹ, ẹ dín mílíìkì kù pátápátá fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, torí ìfun tó ti farapa máa ń pàdánù láktéèsì díẹ̀ tó ní kó tó san. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ètè ẹ̀ wú, ara ẹ̀ sú, tó ń mí gúlegúle lẹ́yìn mílíìkì, ìyẹn kì í ṣe láktóòsì mọ́, ó lè jẹ́ àléjì, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan Ṣẹ́dà àti bọ́tà pàápàá, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Oògùn láktéèsì, ẹ rà á ní Mánṣẹ́sítà kẹ́ ẹ tó kúrò. Èyí tó jẹ́ olómi, inú mílíìkì tútù lẹ máa kán an sí, ẹ fi sí fíríìjì di ọjọ́ kejì kó lè gé ṣúgà ẹ̀, mílíìkì yẹn á sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Èyí tó jẹ́ hóró, ìgbà tó bá ń fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu ni kó lò ó, tó bá ti jẹun tán kó tó rántí, ó ti pẹ́ jù.