Àpapọ̀ ìnáwó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti ìlà dé ìlà

"Mo fẹ́ mọ iye tí oúnjẹ nìkan ti gbà títí di òní, ṣùgbọ́n ṣíìtì Excel mi ń ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn."

Ẹ kọ ẹ̀ka sí òpó B, iye owó sí C. Ẹ tẹ èyí sí D2, kí ẹ fà á wálẹ̀:

```
=SUMIF(B$2:B2,B2,C$2:C2)
```

Ká ní gàrí àti ẹja l'Ọ́jà Òkè Ajé gba ₦6,000 ní ìlà 2, ọkọ̀ sí Ṣàgámù gba ₦2,000 ní ìlà 3, epo àti ata gba ₦4,500 ní ìlà 4. D4 yóò fi 10,500 hàn. Bó bá jẹ́ 4,500 lẹ rí, ẹ ti gbàgbé àmì $ nìyẹn.

Àmì ohùn ló sábà ń da tiwa rú: "Oúnjẹ" àti "Ounjẹ" jẹ́ ẹ̀ka méjì lójú ṣíìtì, àpapọ̀ á sì pín. Ẹ ṣe ẹ̀dà orúkọ ẹ̀ka láti ìlà òkè dípò kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tuntun.