Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé páńẹ́lì yín dìde ní dígírì 35 l'Ékòó

"Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Èbúté-Mẹ́tta ni ilé wa wà, òrùlé wa sì ga ṣóńṣó. Ẹni tó fẹ́ bá wa gbé páńẹ́lì sólà mẹ́rin sókè ní dígírì 35 lòun máa dà á gẹ̀rẹ́, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun. Ṣé òótọ́ ni? Dígírì mélòó ló yẹ kó jẹ́?"

Ẹ sọ fún un pé rárá. Dígírì 10 ti tó, kó sì kọjú sí gúúsù. Ká ní mo rí ẹni tó sọ gbólóhùn kan yìí fún mi lọ́dún 2021 ni, mi ò bá má ra bátìrì méjì tí mi ò nílò.

Ṣómólú ni tèmi wà. Oṣù Karùn-ún ọdún náà la gbé e, páńẹ́lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 330. Páànù ilé wa dà gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà méjì, apá kan sí àríwá, apá kejì sí gúúsù, ìdàgẹ̀rẹ́ méjèèjì sì tó dígírì 30. Tánkì omi wa wà lórí irin gíga ní apá gúúsù. Ọkùnrin tó wá gbé e wo tánkì náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní òjìji rẹ̀ yóò yọ wá lẹ́nu, ló bá to gbogbo páńẹ́lì sí apá àríwá. Mo bi í léèrè bóyá ibẹ̀ dára. Ó ní oòrùn Èkó kò síbi tí kì í dé. Mo gbà á gbọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù Karùn-ún yẹn, nǹkan dára débi pé mo ń pe àwọn ará ilé kejì wá wò ó. Tó bá di bí aago kan ọ̀sán, mo máa ń rí bíi wáàtì 900 lójú ínfátà. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́, fáànù ń yí títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó dín kù ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, a ní kùrukùrù òjò ni, a fara mọ́ ọn.

Àmọ́ nígbà tó di ìparí oṣù Kọkànlá, òjò ti lọ, oòrùn ń ràn yànyàn, ojú ínfátà kò sì kọjá 480 ní ọ̀sán gangan. Aago mẹ́wàá alẹ́ kì í lù kí ilé tó ṣókùnkùn. Mo pe ẹni tó gbé e. Kò gun òkè, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní bátìrì ti kú. Bátìrì tí kò tíì pé oṣù méje! A ra méjì mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kan náà, ibi tí a wà la tún wà. Mo wá lọ pe ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n ní ó kàwé rẹ̀ dáadáa, tó ní ìwé ẹ̀rí lóríṣiríṣi. Ó gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi, ó ní eruku ọyẹ́ ni. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin wá ń gun òrùlé lọ fọ páńẹ́lì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. 480 di 510. Inú ṣì ń bí mi títí di òní, torí àwọn méjèèjì gba owó, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbójú sókè wo ibi tí oòrùn wà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Kérésì, mo wà lórí òrùlé náà pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì omi, aago kan ọ̀sán ń lọ lù. Mo kọjú sí gúúsù, oòrùn ń ta mí lójú. Òjìji mi wà lẹ́yìn mi, ní ìhà àríwá, lórí páńẹ́lì gan-an. Páńẹ́lì náà wá dà bí ẹni tó kẹ̀yìn sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ kàn ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú igi ìgbálẹ̀ kan tó gùn ní mítà kan, mo nà án ró ṣánṣán nínú ọgbà, mo wọn òjìji rẹ̀. Ó tó sẹ̀ntímítà 57.

Ohun tí òjìji yẹn ń sọ ni pé oòrùn kò sí lókè orí wa lọ́jọ́ náà. Dígírì 60 ló ga sí láti ilẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi dígírì 30 rẹ̀ sí gúúsù láti àtàrí. Páńẹ́lì tèmi sì fi dígírì 30 dà gẹ̀rẹ́ sí àríwá. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di 60. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí 60 yẹn ń ṣe, ẹ gbé páálí kan kọjú sí oòrùn tààrà, kí òjìji rẹ̀ bọ́ sára ògiri tí òun náà kọjú sí oòrùn. Ẹ wá máa yí páálí náà díẹ̀díẹ̀, ẹ óò rí i pé òjìji ń tín-ín-rín. Tí ẹ bá yí i dé dígírì 60, òjìji náà á ku ìdajì. Ìwọ̀n òjìji yẹn ni ìwọ̀n ìtànṣán tó ń bà lé e. Ìdajì ni mo ń gbà láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ń di ẹ̀bi ru bátìrì.

Kí ló wá dé tó fi dára ní oṣù Karùn-ún? Ibí ni ọ̀rọ̀ Èkó ti yàtọ̀ sí ti òkè òkun. Èkó fi nǹkan bíi dígírì 6 ààbọ̀ wà lókè ìlà agbedeméjì ayé. Ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, oòrùn ọ̀sán ń bọ́ sí àtàrí wa gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń kọjá sí ìhà àríwá, títí di ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà tí yóò fi dígírì 17 jìnnà sí àtàrí. Ó ń padà bọ̀ títí di nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ó tún gba orí wa kọjá, ó wá lọ sí gúúsù, títí dé dígírì 30 ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. Nítorí náà, ó ń lo bí oṣù márùn-ún ní àríwá wa, ó sì ń lo oṣù méje ní gúúsù. Oṣù Karùn-ún tí mo fi ń yangàn, ìhà tí páńẹ́lì mi kọjú sí ni oòrùn wà.

Ní Bẹ̀líńnì ní ilẹ̀ Jámánì, oòrùn ọ̀sán kì í kúrò ní gúúsù láéláé. Ibi tó ga jù tí ó ń dé níbẹ̀, ní oṣù Kẹfà, jẹ́ dígírì 61. Èyí tó rẹlẹ̀ jù l'Ékòó, ní oṣù Kejìlá, jẹ́ 60. Ẹ ò rí i pé ibi tí tiwọn ga dé ni tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀? Dandan ni kí wọ́n gbé tiwọn dìde. Tí ẹ bá gbé tiyín sí 35 ní gúúsù, yóò dùn gan-an ní oṣù Kejìlá. Àmọ́ ní oṣù Kẹfà, oòrùn á fi dígírì 52 yà kúrò níwájú rẹ̀, ìtànṣán tó bà lé e lọ́sàn-án kò ní tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì ni àsìkò òjò nìyẹn, nígbà tí oòrùn ti ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ 10, ohun tí ẹ máa pàdánù ní ọ̀sán oṣù Kejìlá jẹ́ nǹkan bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oṣù Kẹfà sì jẹ́ 11. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìyẹn máa gun òrùlé lọ yí irin padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Tó bá jẹ́ ti oòrùn nìkan, 6 tàbí 7 ni ì bá dára jù. Omi ló jẹ́ kí n ní 10. Páńẹ́lì tó tẹ́jú máa ń gba omi dúró létí férémù rẹ̀ nísàlẹ̀, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ á sì gan mọ́ ibẹ̀. Ní 10, òjò á máa fọ̀ ọ́ fún yín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí o: dígírì tí mò ń sọ, láti ilẹ̀ títẹ́jú la ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ara páànù. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti gbé irin tó dìde sórí páànù tó ti dà gẹ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, ìjì àkọ́rọ̀ òjò sì ṣí gbogbo rẹ̀ dànù pẹ̀lú páànù.

Ẹ má sì fi kọ́ńpáàsì inú fóònù wá gúúsù lórí páànù, irin máa ń ṣì í lọ́nà. Ẹ na igi ró nílẹ̀, ẹ máa sàmì sí orí òjìji rẹ̀ láti aago 12:20 títí di aago 1:10. Ìlà òjìji tó kúrú jù ni ìlà àríwá sí gúúsù. Kì í ṣe aago 12 o! Aago tí à ń lò bá oòrùn ìhà orílẹ̀-èdè Ṣáàdì mu ju tiwa lọ, nítorí náà oòrùn Èkó kì í yẹ àtàrí títí di nǹkan bí aago 12:46, ó sì ń sún síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ bí oṣù ṣe ń yí.

Ọ̀rọ̀ tánkì tó lé tèmi lọ sí àríwá náà, wíwọ̀n ló yẹ kí ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀sán oṣù Kejìlá, gbogbo mítà kan tí tánkì bá fi ga ju páńẹ́lì lọ, òjìji rẹ̀ á na sẹ̀ntímítà 58 sí àríwá. Ní oṣù Kẹfà, ó ń na 30 sí gúúsù. Ti àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ti ọ̀sán ló ń jẹ iná jù.

Níkẹyìn, a kó tèmi wá sórí kọnkéré títẹ́jú tó bo ẹ̀yìnkùlé, lórí irin tó dà gẹ̀rẹ́ ní 10 sí gúúsù. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, mo rí 850, ọyẹ́ sì wà níta. Ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ lára páànù jò wọ yàrá wa ní òjò àkọ́kọ́ oṣù Kẹta, nítorí náà kí wọ́n máa kan ìṣó tiyín sí ibi tó yọ gọngọ lára páànù, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà, kí wọ́n sì fi róbà sí i.

Ti òrùlé yín tó ga ṣóńṣó, tí kò bá sí ibi títẹ́jú kankan, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ gbé e tò wọ́n mọ́ ara páànù ní apá gúúsù bó ṣe rí, láìfi irin kankan gbé e dìde mọ́. Tí ibi títẹ́jú bá wà, ẹ fi tépù wọn gígùn páńẹ́lì. Páńẹ́lì wáàtì 550 tí wọ́n ń tà báyìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ntímítà 228. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìhà àríwá fi sẹ̀ntímítà 40 ga ju iwájú lọ, 10 nìyẹn.