Ọdún mẹ́fà ní Ìlú Ọba, ọdún mẹ́ta ní Amẹ́ríkà: ṣé owó ìfẹ̀yìntì mi ti wọgbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù kẹrin ọdún 2016 títí di oṣù kẹrin 2022. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì lára owó mi. Láti oṣù kìíní 2023 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Hiúsítìn. Ẹni ọdún 57 ni mí. Wọ́n ní ẹni tí kò bá san án pé ọdún mẹ́wàá ní Ìlú Ọba kò ní gba kọ́bọ̀. Ṣé tèmi ti wọgbó nìyẹn? Èyí tí mo san ní Ìkẹjà kí n tó kúrò nílé ńkọ́, ṣé ó lè kún un?

Ìdáhùn: Kò wọgbó, màmá. Òótọ́ ni àwọn tó sọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá sọ, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán. Àdéhùn kan wà láàárín Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1985, torí irú yín gan-an ni wọ́n sì ṣe ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n rò pé Lọ́ńdọ̀nù yóò kó owó wọn ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, kí wọ́n dà á pọ̀ sójú kan. Owó kì í kúrò níbi tó wà. Ẹ wò ó bí ẹni tó dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ méjì. Alájọ kìíní ní òfin pé ẹni tí kò bá dá a pẹ́ tó iye oṣù kan kò ní kó o. Àdéhùn ni ó mú kí ó gba ẹ̀rí alájọ kejì pé ẹ dá àjọ lọ́dọ̀ tòun náà, kí ó lè ka àwọn oṣù yẹn mọ́ tirẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ kíkó, kálukú yóò san kìkì ohun tí ẹ dá lọ́dọ̀ rẹ̀. Àsìkò ni wọ́n ń pa pọ̀, kì í ṣe owó.

Ní Ìlú Ọba, ọdún mẹ́wàá ni ẹnu ọ̀nà, ọdún 35 ni ẹ̀kún owó. Ẹ ní mẹ́fà. Òfin ibẹ̀ fẹ́ kí ẹ ní ó kéré tán ọdún kan níbẹ̀ kí wọ́n tó lè ka ti Amẹ́ríkà mọ́ ọn, ẹ sì ti kọjá ìyẹn dáadáa. Ọdún mẹ́rin ní Hiúsítìn yóò mú un pé mẹ́wàá. Ní ọdún 2025 sí 2026, ẹ̀kún owó ìfẹ̀yìntì wọn jẹ́ pọ́n-ùn 230.25 lọ́sẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà 35, kí ẹ mú ìpín mẹ́fà níbẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 39.50 lọ́sẹ̀, láti ìgbà tí ẹ bá pé ọdún 67 títí ayé yín. Àwọn ọdún Hiúsítìn ṣílẹ̀kùn, wọn kò fi nǹkan kan kún owó yẹn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ ra ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ìjọba Ìlú Ọba kí ẹ má bàa pàdánù mẹ́fà tó wà nílẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró ná. Àdéhùn ti bá yín ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun pọ̀ sí i lè ra ọdún bí òfin bá gbà á láyè, torí ìpín kan nínú 35 ni ọdún kọ̀ọ̀kan ń fi kún un, àmọ́ ìṣirò ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, kírédíìtì ni Sóṣà Sẹ̀kiúrítì, àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, ń kà, kì í ṣe ọdún. Mẹ́rin péré ni èèyàn lè ní lọ́dún, 40 ni wọ́n sì ń béèrè. Ní ọdún 2025, ẹni tó bá gba dọ́là 7,240 ti ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti 2023 dé òpin 2025, ẹ ti ní 12. Wọ́n fẹ́ kí ẹ ní ó kéré tán mẹ́fà tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà kí wọ́n tó wo ti ibòmíràn. Ọ̀sẹ̀ 13 tí ẹ san ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń kà sí kírédíìtì kan, ọdún mẹ́fà yín sì di 24. 12 àti 24 jẹ́ 36. Ọdún kan sí i, ìyẹn 2026, ó pé 40. Ẹ rí i pé ọdún kan náà ni ẹnu ọ̀nà méjèèjì ń ṣí. Ọdún owó-orí Ìlú Ọba kò bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, torí náà ẹ fi oṣù mélòó kan kún un, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní àjọ̀dún Kérésì 2026.

Síbẹ̀, tí ara bá gbà, èmi yóò ní kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ dé òpin 2032. Ìdí rẹ̀ ni Mẹ́dikéà, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà. Àdéhùn yìí kò dé ọ̀dọ̀ ìtọ́jú ìlera: kírédíìtì Lọ́ńdọ̀nù kò lè fún yín ní apá ilé ìwòsàn Mẹ́dikéà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 65. Kírédíìtì 40 tí ẹ fúnra yín ní, tàbí ti ọkọ tó ti ní tirẹ̀, ló lè ṣe é. Ní òpin 2032 ẹ ó ti ní 40 yín, Amẹ́ríkà yóò sì san owó yín lábẹ́ òfin tirẹ̀ láìwo àdéhùn. Tẹ́lẹ̀ rí, wọn ì bá gé díẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí owó ìfẹ̀yìntì Ìlú Ọba. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2025 ti pa ìgékù yẹn rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́, wọ́n ṣì ń bẹ̀rù láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn.

Ti Ìkẹjà yàtọ̀. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn yìí pẹ̀lú èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, ó sì ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá ń kọ ọ́. Ọdún yẹn kò lè kún ohunkóhun. Àmọ́ owó náà kò sọnù: orúkọ yín ló wà lórí àkáǹtì náà, nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, ẹ sì ti kọjá ọdún 50 tí wọ́n ń wò kí ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó lè béèrè owó náà. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe báyìí kò ju kí ẹ wo àkọsílẹ̀ Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì yín, ní ọdọọdún. Mo bá arákùnrin kan ṣe irú èyí rí: ọdún mẹ́fà ló gbé níbẹ̀, mẹ́rin ló wà nínú ìwé. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ fi nọ́mbà tó lòdì ránṣẹ́, ọdún tó sì kẹ́yìn, owó tó gbà kéré ju èyí tó lè jẹ́ kí ọdún náà kà. Ìwé owó oṣù tó tọ́jú ni wọ́n fi bá a tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ẹ wá tiyín jáde. Bí orúkọ yín nígbà yẹn bá yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó sí i.

Tí àkókò bá tó, ẹ kò nílò láti fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ́fíìsì Sóṣà Sẹ̀kiúrítì ní Hiúsítìn yóò gba ìwé náà fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù `SSA-2490-BK`, kí ẹ sì sọ ọ́ ketekete pé ẹ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, torí bí ẹ kò bá sọ ọ́, ti Amẹ́ríkà nìkan ni wọn yóò wò.

Ó ku ọ̀kan tí ẹ kò béèrè. Bí ẹ bá gbé Amẹ́ríkà, owó Ìlú Ọba yín yóò máa gòkè lọ́dọọdún. Bí ẹ bá padà sí Nàìjíríà láti lọ sinmi, iye tí ẹ ń gbà lọ́jọ́ tí ẹ dé ibẹ̀ ni yóò dúró sí, kò ní lọ sókè mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń gbé níbẹ̀.