Abẹ́rẹ́ aboyún tí a gbà nílé kò bo ikọ́ awúbì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 27. Bàbá Ayọ̀ ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn. Tó bá mú un lóru, á wú u títí á fi bì. Agbẹ̀bí ní kí n wá gba abẹ́rẹ́ ikọ́ awúbì, bẹ́ẹ̀ mo ti gba abẹ́rẹ́ aboyún méjì ní Ìbàdàn kí n tó wá. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá bá mi wẹ ọmọ. Ayọ̀ fúnra rẹ̀ ti lé lọ́mọ ọdún 4. Ṣé dandan ni abẹ́rẹ́ tuntun yìí? Ṣé ikọ́ bàbá wọn lè ran ọmọ? — Ìyá Ayọ̀

Ìyá Ayọ̀, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ náà lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tí ẹ gbà ní Ìbàdàn kì í ṣe òun. Tẹ́tánọ́ọ̀sì àti dìfítéríà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún aboyún ní ilé ìwòsàn ìjọba nílé wà fún; ti ikọ́ awúbì kò sí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í, torí apá kan náà ni wọ́n ń gún, aboyún náà ni wọ́n sì ń gún. Kódà ká ní ẹ gba ti ikọ́ awúbì nígbà oyún Ayọ̀, ẹ máa tún un gbà ni, nítorí agbára rẹ̀ ti dínkù lára yín, ọmọ tuntun kò sì ní rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀.

Ọmọ inú gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ gún ìyá. Ara yín á ṣe èròjà tó ń gbógun ti kòkòrò náà, èròjà yẹn á gba inú ibi ọmọ kọjá sí i lára. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ 2 kó tó pọ̀ dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ọmọ sì nílò àkókò láti gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ni láti ọ̀sẹ̀ 16 níbí, tí wọ́n sì fẹ́ kí aboyún ti gbà á kó tó pé ọ̀sẹ̀ 32. Wọ́n ṣì máa fún ẹni tó bá pẹ́, ṣùgbọ́n ìyá nìkan lèyí tó pẹ́ jù ń bò, ọmọ lè máà rí nǹkan kan gbà. Ọ̀sẹ̀ 27 dára gan-an. Kòkòrò ààyè kò sí nínú abẹ́rẹ́ náà. Apá á ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún aboyún níbí, ọdún yẹn kan náà tí àrùn yìí pa ọmọ ọwọ́ 14 ní Ẹ́ńgíláǹdì. Ó tún jà ní 2024, ó pa 11. Ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ló máa ń pa jù. Ọ̀sẹ̀ 8 ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ, ìkejì ọ̀sẹ̀ 12, ìkẹta ọ̀sẹ̀ 16. Láti ọjọ́ tí ẹ bá bí i títí di ọ̀sẹ̀ 8 yẹn, ohun tó gbà lára yín nìkan ló ní.

Ọmọ kan wà nínú ẹbí wa tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ìyá rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ aboyún nílé bíi tiyín, ó rò pé ó ti tó. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ gbé e mọ́ra, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ibà lára ọkùnrin náà, kò dùbúlẹ̀, ibi iṣẹ́ ló ti bọ̀. Gbogbo ilé ní òtútù ni. Bí ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, imú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ọ̀fìnkìn lásán ni ikọ́ awúbì máa ń jọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì àkọ́kọ́. Àkókò yẹn gan-an ló ń ranni jù, ìgbà yẹn náà sì ni àǹtíbáyótíìkì lè dín in kù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í fura nígbà yẹn.

Nígbà tí ikọ́ wá dé, kò dún bí ẹni tó mọ ikọ́ awúbì ṣe ń retí. Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ á wú u léraléra láìrí àyè mí, lẹ́yìn náà á fa èémí wọlé pẹ̀lú ariwo hííìì. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 kì í sábà lágbára láti fa èémí bẹ́ẹ̀. Èyí tí mò ń sọ yìí á wú ikọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ojú rẹ̀ á le, á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá rẹ̀ rò pé ikọ́ ti lọ ni, pé oorun ti gbé e. Èémí ló dá dúró.

Wọ́n á sọ fún yín níbí pé kí ẹ wò ó bóyá ọmọ ń di búlúù. Awọ ara ọmọ tiwa kì í tètè fi í hàn. Ẹ rọra ya ètè rẹ̀, ẹ wo inú ètè, erìgì àti ahọ́n lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti di àwọ̀ aró tàbí ti eérú, tàbí tí ọmọ dákẹ́ tí àyà rẹ̀ kò gbé sókè, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de dókítà àdúgbò. Tí ikọ́ bá mú un, ẹ gbé e dìde kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ nu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá jáde sí ẹnu. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má sì jù ú sókè.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ ẹbí wa yẹn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ń mu ọmú, ibà kò sí, àyà rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ọ̀fìnkìn ni, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Mi ò lè bá dókítà yẹn jà jù. Tí ikọ́ kan bá ti lọ tí òmíràn kò tíì dé, kò sóhun tó fi ọmọ náà yàtọ̀ sí ọmọ tí ara rẹ̀ dá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kì í sì í gbọ́ nǹkan kan. Fídíò tí bàbá ọmọ fi fóònù yà lóru ló tú u fó. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀, kó yà á, kó jẹ́ kí ó pẹ́ tó láti fi hàn bí ìdákẹ́ náà ṣe gùn tó, kó sì dárúkọ ikọ́ awúbì fún wọn lẹ́nu ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń wúkọ́ nínú ilé. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba nǹkan lẹ́yìn imú ọmọ, kòkòrò náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i, wọ́n sì ń gba ọ̀pá imú fún un ní wàrà nítorí gbogbo ohun tó bá mu ló ń bì. Ó yè é. Ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan, tí ọ̀fìnkìn bá ti mú un, ikọ́ yẹn náà á tún padà wá.

Bàbá Ayọ̀ wá ńkọ́? Kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì sọ fún wọn pé aboyún wà nílé. Títí di ọ̀sẹ̀ 3, wọ́n ṣì lè rí kòkòrò náà nínú imú. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa wò. Ẹ má rò pé oògùn á gba ikọ́ náà kúrò. Kòkòrò yìí ń lẹ̀ mọ́ irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà èémí tó máa ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, oró rẹ̀ á sì ba irun náà jẹ́. Àǹtíbáyótíìkì lè pa kòkòrò kó má ranni mọ́, kò lè tún irun náà ṣe. Ó lè wúkọ́ fún oṣù 2 sí 3 lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún wú tirẹ̀ títí eegun ìhà rẹ̀ kan fi sán. Orógbó àti omi ikọ́ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì kò ní dá ikọ́ Bàbá Ayọ̀ dúró. Ẹ fi owó yín pamọ́.

Ikọ́ Bàbá Ayọ̀ yìí kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù fún ọmọ. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ awúbì, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 3 tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ láti ranni ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọmọ yín sì ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ 13. Ẹni tí ikọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nígbà tí ọmọ bá dé ni kẹ́ ẹ ṣọ́.

Ìyẹn mú mi dé ọ̀dọ̀ màmá. Abẹ́rẹ́ tí àgbàlagbà gbà ní kékeré ti ká lára rẹ̀, ẹni tó sì ti ṣe ikọ́ awúbì rí lè tún ṣe é. Ìjọba ibí kì í fún bàbá ọmọ tàbí màmá àgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé oògùn aládàáni máa ń gún un fún ẹni tó bá lówó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tilẹ̀ gbà ẹ̀gbọ́n àti òbí àgbà níyànjú kí wọ́n gbà á ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ. Bí owó kò bá sí, kí màmá wá, kí wọ́n wẹ ọmọ, kí wọ́n pọ̀n ọ́n. Ẹ kàn jẹ́ kí Bàbá Ayọ̀ bá wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá ń mú, bó ṣe wù kó kéré tó, kò ní gbé ọmọ títí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ 8. Oyin, agbo, àdí, ọ̀kankan wọn kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ náà. Wọ́n á ní ẹ ti di òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Mo mọ bó ṣe ń dunni. Àwọn ọmọ tèmi dàgbà síbí láìmọ ọwọ́ ìyá àgbà lára wọn, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi dí i. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni mò ń bẹ̀ yín fún.

Ayọ̀ ló kàn. Ọdún 3 àti oṣù 4 ni abẹ́rẹ́ tó ń fún ti kékeré lágbára. Bí ìwé pupa rẹ̀ kò bá fi hàn pé ó gbà á, ẹ pe nọ́ọ̀sì dókítà àdúgbò lọ́la. Kò tíì pẹ́. Tó bá jẹ́ nílé ló ti gba ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ẹ mú káàdì náà dání, wọn kò ní tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì ti bí, ẹ tètè fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kì í rí ìwé ìpè ọ̀sẹ̀ 8 gbà. Tí ẹ bá bí i kó tó pé oṣù, ọ̀sẹ̀ 8 láti ọjọ́ tí ẹ bí i náà ni, ẹ má ka ọjọ́ tó yẹ kó dé.