Ìlà iwájú orí àgbàlagbà nínú fọ́tò: dín in kù, má pa á rẹ́

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ìyá àgbà kan wà lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ ìbí 80 ọdún ní Ìsánlú. Àwọn ọmọ ní kí n bá àwọn dín ìlà iwájú orí mọ́mì kù. Mo pa á rẹ́, wọ́n ní kì í ṣe mọ́mì àwọn nìyẹn. Mo dá a padà díẹ̀, wọ́n ní ó tún ti pọ̀ jù. Photoshop ni mo ń lò. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?”

Òkun o, àbúrò. Kí o tó fọwọ́ kan máòsì rárá, béèrè fọ́tò mìíràn lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, èyí tí mọ́mì jókòó jẹ́ẹ́, tí kò rẹ́rìn-ín, tí oòrùn kò sì gún un lójú. Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà tó bá wà nínú méjèèjì, ti mọ́mì ni. Ọjọ́ orí ló kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ti ń wò ó láti kékeré láì mọ̀ pé àwọn ń wò ó. Èyí tó bá jẹ́ pé inú fọ́tò ọwọ́ rẹ nìkan ló wà, iṣẹ́ iṣan ojú ni. Bí èèyàn bá gbé òkè ojú sókè, iṣan iwájú orí á fa awọ sókè, awọ náà á sì ká ní ìbú. Bí oòrùn bá gún un lójú, ìlà méjì á dìde lóòró láàárín ojú méjèèjì. Ìlà ọjọ́ orí àti ìlà iṣan ojú kò gba ìtọ́jú kan náà. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni tìrẹ ti dàrú, torí o fi ọwọ́ kan náà lé gbogbo wọn.

Wo òkè ojú mọ́mì dáadáa pẹ̀lú. Bí ó bá gbé e sókè nínú fọ́tò náà, iwájú orí gbọ́dọ̀ ní ìlà, ó pọn dandan. Bí o bá nu ún mọ́ tónítóní, irun òkè ojú á kàn dúró sókè láìsí ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Ẹni tó ń wò ó kò ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ á ṣáà sọ pé kì í ṣe ìyá òun nìyí. Bákan náà ni ìlà etí ojú tó máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Pa á rẹ́, ẹ̀rín á kù sí ẹnu nìkan, ojú á wá dà bí ojú ẹni tó ń fi ẹ̀rín tan èèyàn.

Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé. Ìyá kan ní Mọ̀pà, òun náà ti lé ní 80, fóònù ni wọ́n fi ya fọ́tò náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìdúpẹ́, lọ́sàn-án gangan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé òkè ojú sókè díẹ̀, gèlè sì bo òkè iwájú orí rẹ̀. Ìlà gígùn mẹ́ta ló wà ní ìbú, méjì kúkúrú lóòró láàárín ojú, àti wẹ́wẹ́ tó yí etí ojú ká. Nínú fọ́tò ilé tí wọ́n fi ránṣẹ́, mẹ́ta ìbú náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Méjì òòró yẹn kò sí rárá. Oòrùn ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì mú kí ìyá tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run dà bí ẹni tó ń bínú.

Mi ò fọwọ́ kan fọ́tò fúnra rẹ̀. Mo ṣí léyà òfìfo mẹ́ta sórí rẹ̀ (Ctrl+Shift+N ló ń ṣí i), mo sọ ọ̀kan ní “ìbú”, ọ̀kan “òòró”, ọ̀kan “etí ojú”. Healing Brush ni mo mú, mo yí Sample lókè sí Current & Below kí ó lè máa mú awọ láti ìsàlẹ̀ kí ó sì máa kùn ún sórí léyà òfìfo. Hardness rẹ̀ kì í lọ sí ìsàlẹ̀ 80% lọ́wọ́ mi. Bí etí búrọ́ọ̀ṣì bá rọ̀ jù, ó máa ń pò ihò ara mọ́ra wọn, ibẹ̀ á sì rí gúlúgúlú bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rá pa á. Alt ni wàá tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yan awọ tí yóò gbé wá. Yan án nítòsí ìlà náà, lórí iwájú orí kan náà. Má lọ mú un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ihò ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í ṣe irú ti iwájú orí, ó sì máa ń hàn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tóbi. Fà á ní kúkúrú kúkúrú, kí o sì máa yí ibi tí o ti ń mú awọ padà, kí àpẹẹrẹ kan náà má bàa máa tún ara rẹ̀ ṣe.

Ohun tó máa ń kọ́ni lọ́gbọ́n níbẹ̀ ni pé ìlà tó hunjọ kì í ṣe ìlà dúdú lásán, kòtò ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti òkè wá, ògiri òkè kòtò náà á ṣú, ti ìsàlẹ̀ á sì máa dán. Ẹni tó bá pa ibi tó ṣú rẹ́, tó fi ibi tó ń dán sílẹ̀, àpá ló fi rọ́pò ìlà. Nítorí náà, búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ìlà lọ kí ó lè kó méjèèjì pọ̀. Lára àwọ̀ dúdú tiwa yìí, dídán yẹn ló sábà máa ń mú kí ìlà dà bí èyí tó jìn. Tí iwájú orí bá ń dán nítorí òógùn tàbí ìpara, mo máa ń ṣí léyà mìíràn, mo máa yí Mode léyà náà sí Darken, mo máa mú Clone Stamp, Sample rẹ̀ Current & Below, Opacity rẹ̀ 15%, mo máa mú awọ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń dán, mo sì máa rọra kùn ún. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní ìlà á ti lọ kí n tó fọwọ́ kan ìlà gan-an. Àmọ́ bí ibẹ̀ bá ti funfun pátápátá, kò sí àwọ̀ kankan nínú fáìlì níbẹ̀ mọ́. Ṣíṣú u á kàn sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Gba fọ́tò mìíràn.

Mo wá pa gbogbo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìbú rẹ́ pátápátá lórí léyà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, pátápátá, torí pé Opacity léyà ni yóò dá wọn padà. Mo gbé “ìbú” wá sí 45%, ìyẹn ni pé ó lé díẹ̀ ní ìdajì ìlà náà tó padà wá. “Òòró” ni mo fi sí 80%, torí wọn kì í ṣe ara ìyá náà. “Etí ojú” kò ju 25% lọ, ẹ̀rín ni wọ́n jẹ́. Àwọn nọ́ńbà yẹn kì í ṣe òfin, fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ohun tí wàá mú níbẹ̀ ni pé léyà wọn yàtọ̀, nọ́ńbà wọn sì yàtọ̀.

Gèlè fẹ́ bà á jẹ́. Bí Healing Brush bá sún mọ́ etí aṣọ tàbí irun, ó máa ń fa àwọ̀ ibẹ̀ wọ inú awọ, ibẹ̀ á sì rí bí ìdọ̀tí aró. Mo fi Clone Stamp tún etí ibẹ̀ ṣe pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré.

Bí ìyá bá kọlà, dákun. Àwọn àgbà Yàgbà ṣì wà tó ní ilà gígùn mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n jìnnà síra lẹ́yìn tí wọ́n sì wá pàdé ní igun ẹnu. Ibi ìpàdé yẹn kò jìnnà sí ìlà ẹ̀rín tó ti ẹ̀gbẹ́ imú wá, fóònù onítànṣán líle sì máa ń pò wọ́n mọ́ra. Mo máa ń ṣí fọ́tò tóbi, mo máa tọ ilà náà láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu kí n tó mọ èyí tí mo lè fọwọ́ kàn. Mi ò rí ìdílé kan tí yóò dárí ji ẹni tó pa ilà ìyá wọn rẹ́.

Fílítà fóònù tó ń nu gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan náà, má lò ó fún àgbàlagbà. Wo ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ nínú fọ́tò tí wọ́n ti fi í ṣe: iṣan ọwọ́ dúró gbọn-in, awọ ọrùn ká, ojú sì mọ́ bíi ti ọmọge. Bí ọrùn àti ọwọ́ bá wà nínú fọ́tò, àwọn ni wọ́n ń sọ ọjọ́ orí, ojú kò sì gbọdọ̀ ta kò wọ́n. Fọ́tò fún páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀, má tún un ṣe rárá.

Nígbà tí o bá ń ṣàyẹ̀wò, má dúró sí 300%. Tẹ Ctrl+0 kí gbogbo fọ́tò wọ ojú kọ̀ǹpútà, kí o máa tan ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn léyà, kí o sì máa pa á. Bí ìyàtọ̀ bá ta ọ́ lójú lójijì, o ti ṣe jù. Ìwọ̀n tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú: nínú ìwé ètò ìsìn tó kéré, ìlà wẹ́wẹ́ á pa ara rẹ̀ rẹ́, àwọn tó jìn nìkan ló máa hàn, nítorí náà kò yẹ kí o jìyà lórí wẹ́wẹ́ yẹn. Fi han ẹni tó mọ mọ́mì láì sọ pé o ṣe nǹkan kan. Bí ó bá ní “mọ́mì ti sinmi dáadáa”, ó tó. Bí ó bá ní “ṣé àbúrò rẹ̀ nìyí?”, dá Opacity “ìbú” padà sísàlẹ̀.

Ní ti Mọ̀pà yẹn, àkọ́bí obìnrin ní ó dára, èyí ọkùnrin tó wà ní Àbújá pè pé kí ìlà ààrin iwájú orí mọ́mì padà díẹ̀, torí ìlà yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé òun àti ìyá òun jọra. Mo ṣí fáìlì PSD, mo fi ìparẹ́ tó rọ̀ ṣí ibi ìlà yẹn díẹ̀ lórí léyà “ìbú”, mo sì fi JPEG tuntun ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Tí ìwọ bá ti pa léyà rẹ pọ̀ kí o tó fi ránṣẹ́, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wàá tún ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà fi PSD tìrẹ pamọ́ títí tí wọ́n á fi tẹ bánà tán.