Ìṣẹ́jú 4 ló yẹ kí n lò, mo lo 11

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀gá àgbà tuntun ń wọlé sí ilé iṣẹ́ wa ní ọjọ́ Ajé, èmi tí mo wà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ní kí n fi wọ́n han gbogbo wa ní ìpàdé. Wọ́n ti fi ìwé ìtàn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi, ojú ìwé 4. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní sú àwọn ènìyàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.”

Ẹ kọ́kọ́ pa ojú ìwé 4 yẹn dé ná. Irú rẹ̀ ló kó mi sí wàhálà nígbà tí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Àwa òṣìṣẹ́ tó bí 200 ni nígbà náà. Ọ̀gá àgbà wa àtijọ́ ti lọ láìsí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa, olórí ẹ̀ka ìṣúná sì ń ṣe adelé fún oṣù 5. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé adelé yìí fẹ́ ipò náà, gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé wọn ò fún un. Ara ìta ni bọ́ọ̀dù mú wá. Èmi gba makirofóònù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ọ̀gá tuntun lọ, mo ka oyè, mo ka àmì ẹ̀yẹ, mo ka ibi iṣẹ́ 7 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣi orúkọ wọn pè. Mo ní Ọlọ́run ti rán olùgbàlà sí wa. Nígbà tí mo rí i pé gbọ̀ngàn náà ti tutù, mo wá fi èyí tó burú jù kún un: “Ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò ní bọ́.” Ìṣẹ́jú 11 ni mo lò.

Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Adelé jókòó ní iwájú pátápátá, mi ò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹni tó ń bọ̀ bá sì jẹ́ olùgbàlà, kí ni a jẹ́ pe ẹni tó ti ń gbé ẹrù náà láti oṣù 5? Mo rí bí ó ṣe tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ọ̀gá tuntun gba makirofóònù lọ́wọ́ mi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe ni pé wọ́n tún orúkọ ara wọn pè dáadáa, wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mi ò rí ẹ̀rín rín. Oṣù 4 lẹ́yìn náà, wọ́n pa ẹ̀ka 2 pọ̀ di ọ̀kan, ènìyàn 14 sì lọ. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi nídìí tábìlì mi. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹ̀yin lẹ ní kí n fọkàn balẹ̀.” Títí dòní, mi ò mọ èsì tí mi ò bá fún un.

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gá tuntun kọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ wá gbọ́. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ẹni àná wà, ẹni tó yan ẹni òní, àti bóyá nǹkan kan yí padà fún àwọn láti àárọ̀ yìí. Títí tí ẹ ò bá tíì dáhùn ìyẹn, oyè 10 lẹ lè kà, etí wọn ò sí níbẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú wọn: wọ́n á máa wo ara wọn dípò kí wọ́n máa wo yín, àtẹ́wọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olórí ẹ̀ka tó wà níwájú, á sì parí síbẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yin gan-an ló yẹ kó sọ gbólóhùn ìyànsípò náà. Bọ́ọ̀dù ló ń yan ọ̀gá àgbà, nítorí náà ẹnu alága bọ́ọ̀dù ló ti máa ń ní agbára jù. Tí alága bá lè wá, kó sọ ìyẹn, kí ẹ̀yin darí ìpàdé. Tí kò bá lè wá, ẹ sọ ọ́ kedere pé bọ́ọ̀dù ló yàn wọ́n, kó má dà bíi pé ẹ̀ka tiyín ló gbé wọn wá. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ti fọwọ́ sí lẹ́tà ìyànsípò, ẹ sì mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ ní ọjà ìpín ìdókòwò, ìròyìn náà gbọ́dọ̀ ti jáde níbẹ̀ kó tó di pé ẹ sọ ọ́ fún èrò gbọ̀ngàn. Tó bá sì jẹ́ ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àjọ tó ń ṣàkóso wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹni náà kó tó lè jókòó sórí àga. Ẹ bi agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ yín. Ìpè fóònù kan ni.

Nígbà kejì tí irú rẹ̀ tún kàn mí, ní ilé iṣẹ́ mìíràn, mo tọrọ ìṣẹ́jú 15 lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun ṣáájú. Mo ní kí wọ́n pe orúkọ wọn fún mi, mo gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, mo ń tẹ̀ lé e bí ọmọdé tó ń kọ́ a-b-d. Mo bi wọ́n pé kí ni wọn ò fẹ́ kí n sọ. Ìbéèrè yẹn ló ṣe mí láǹfààní jù. Nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ wọn, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ló gbé ilé iṣẹ́ kan dìde nígbà tó ń kú lọ, mo sì ti fi ìyẹn ṣe ojú ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní kí n yọ ọ́: “Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ènìyàn mélòó ni mo lé kí ó tó dìde.” Òótọ́ ni. Ohun tó dùn létí bọ́ọ̀dù lè jẹ́ ìdágìrì létí òṣìṣẹ́.

Mo tún lọ bá adelé tibẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ka gbólóhùn tí mo kọ nípa rẹ̀ sí i létí. Ó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Mo yọ ọ́. Èyí ni mo wá sọ, mo kàn fi Lágbájá, Tàmẹ̀dù àti Làkáṣègbè pààrọ̀ orúkọ wọn:

“Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ní oṣù 3 sẹ́yìn, Ọ̀gá Làkáṣègbè fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 12 tí wọ́n fi darí wa. Láti ìgbà náà, Ọ̀gá Tàmẹ̀dù ló di ipò náà mú, wọn ò sì gbé iṣẹ́ ẹ̀ka ìṣúná sílẹ̀. Owó oṣù ò pẹ́ ní ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí iná ọ́fíìsì wọn lálẹ́, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Láti òní, wọ́n padà sí ẹ̀ka ìṣúná gẹ́gẹ́ bí olórí rẹ̀.

“Bọ́ọ̀dù ti yan Ọ̀gá Lágbájá ṣe olùdarí àgbà wa, òní ni iṣẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 6 ni wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ ṣe kí wọ́n tó di ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Fún ọdún 8 tó kọjá, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ọjà tí àwa náà ń ṣe ni wọ́n darí. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣe níbí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Alẹ́ ọ̀la ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

“Ẹni tí ẹ ń jábọ̀ fún lánàá náà lẹ ń jábọ̀ fún lónìí. Tí ohunkóhun bá máa yí padà, ẹnu Ọ̀gá Lágbájá tàbí ẹnu olórí ẹ̀ka yín lẹ ti máa gbọ́ ọ, kò ní jẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ìbéèrè pọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, aago 10, nínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n máa jókòó dáhùn wọn. Ẹ̀yin ènìyàn wa, Ọ̀gá Lágbájá rèé.”

Kò tó ìṣẹ́jú 4, bí mo ṣe rọra sọ ọ́ tó. Àtẹ́wọ́ tó lágbára jù kì í ṣe ti ọ̀gá tuntun, ti Ọ̀gá Tàmẹ̀dù ni, ọ̀gá tuntun fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ dìde fún un. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn nípa ẹni tí wọ́n ń jábọ̀ fún. Òun ni mo fi rọ́pò “iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò ní bọ́.” Òní nìkan ló sọ, òótọ́ sì ni lónìí. Ọjọ́ iwájú kì í ṣe tiyín láti ṣèlérí. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìbéèrè: tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n máa nawọ́ sókè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnìkan á béèrè àfikún owó oṣù, ọ̀gá tí kò tíì mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà á sì ní láti dáhùn. Àmọ́ ẹ má sọ “láìpẹ́”, ẹ dá ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì ti rí i pé ọ̀gá náà gbà sí i. Èmi mọ ibi kan tí wọ́n ti kéde ọjọ́ ìbéèrè tí ọ̀gá sì wà nínú ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ náà. Ó sàn kí wọ́n má kéde rárá.

Ohun kan wà tí mi ò tíì rí ojútùú sí, ìyẹn ni ibi tí wọ́n ti lé ọ̀gá àtijọ́ kúrò. Ẹ ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan, ẹ ò sì lè dákẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń mú gbólóhùn tí bọ́ọ̀dù fi síta, mà á kà á bó ṣe wà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mà á sì kọjá sí èyí tó kàn.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ dìde dúró kí ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago fóònù. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, inú ìtàn iṣẹ́ wọn ni kí ẹ ti gé e. Lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ má padà wá ṣe àlàyé ohun tí wọ́n sọ, ẹ kàn ní ìpàdé ti parí. Ojú ìwé 4 yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ lórí ímeèlì ní ọ̀sán, ẹni tó bá fẹ́ kà á á kà á.